Àkòrí ìdíje ni "Ohun Tí Omi Gbé Lọ": ṣé ewì odò mi àtijọ́ bá a mu?

Ọmọ Olóbì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́dọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ewì. Ẹgbẹ́ kan níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde gbé ìdíje ewì Yorùbá kalẹ̀, wọn ò sì ní gba ewì mọ́ tí oṣù yìí bá ti parí. Ohun tí wọ́n kọ rèé bó ṣe wà:

"Àkòrí: Ohun Tí Omi Gbé Lọ. Ewì yín gbọ́dọ̀ dá lórí ohun kan tó ti kúrò lọ́wọ́ wa, tí a kò lè bèèrè rẹ̀ padà mọ́. Ewì kan ṣoṣo fún ẹnì kan, kò gbọdọ̀ ju ìlà 40 lọ. Kò gbọdọ̀ tíì jáde níbikíbi rí, ìbáà ṣe nínú ìwé tàbí lórí ayélujára. Ẹ má kọ orúkọ yín sójú ewì."

Mo ní ewì kan tí mo kọ nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ìlà 36 ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Odò tó wà lẹ́yìn ọjà wa ni mo fi kọ ọ́, omi ló kún inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Bí mo ṣe rí àkòrí yẹn, òun ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan kà á, ó ní kò dá òun lójú pé ó bá a mu, kò sì lè sọ ìdí rẹ̀. Ẹ bá mi wò ó. Bó ṣe lọ lẹ́yìn ìjúbà nìyí:

*Odò ẹ̀yìn ọjà, mo kí ọ o,*
*Ìwọ tó mọ́ lójú, tó tutù lára.*
*O fọ aṣọ olówó, o fọ aṣọ tálákà,*
*O ò bi ẹnì kan pé ọmọ ta ni.*
*Ẹ̀ẹ̀rùn dé, o ò gbẹ,*
*Òjò dé, o ò bínú.*

Báyọ̀ Akéwì

Àbúrò mi, fi ránṣẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ìdààmú bá ọ. Ohùn wà nínú ewì yìí. "O fọ aṣọ olówó, o fọ aṣọ tálákà", ìyẹn nìkan tó láti mú adájọ́ dìde lórí àga. Mo ti wọ ìdíje tó pọ̀, ohun tí mo rí ni pé ewì tó dùn ló ń gba ipò. Yí orúkọ rẹ̀ padà sí "Ohun Tí Omi Gbé Lọ", kí o sì fi ìlà méjì síparí níbi tí wàá ti dárúkọ àkòrí náà. Omi ni wọ́n béèrè, omi lo ní.

Fọlákẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ó dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ṣé omi ni wọ́n béèrè? Ẹ tún ìkéde yẹn kà.

Ìyá Olùkọ́, Ìpẹru

Ọmọ mi, o káre. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti bá wọn yẹ ewì wò nínú ìdíje àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Rẹ́mọ níbí, torí náà jẹ́ kí n sọ bí ẹni tó bá jókòó ti òkìtì ewì ṣe máa ń kà á.

Ìkéde yẹn ní apá méjì. "Ohun Tí Omi Gbé Lọ" jẹ́ àwòrán, wọ́n fi fa ojú yín mọ́ra. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín gan-an: ohun kan tó ti kúrò lọ́wọ́ wa, tí a kò lè bèèrè rẹ̀ padà mọ́. Wàá rí i pé kò sí omi kankan nínú gbólóhùn kejì yẹn. Wọ́n sì ní ewì yín "gbọ́dọ̀ dá lórí" rẹ̀. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé "ẹ lè ronú lórí", à bá ní wọ́n ṣílẹ̀kùn fún yín. Níbi tí "gbọ́dọ̀" bá ti wà, ẹni tó ń yẹ ewì wò níbi àṣàyàn àkọ́kọ́ ní àṣẹ láti gbé ewì tó dùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí kò bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Adájọ́ tó máa sọ̀rọ̀ lórí adùn lè má tilẹ̀ rí i sójú.

Ibi tí Báyọ̀ ti tọ̀nà nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣì í. Láàárín àwọn ewì tó bá kọjá àṣàyàn àkọ́kọ́, ewì tó dùn ló ń gbapò, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ó ní láti kọ́kọ́ kọjá ná.

Ṣe ohun kan fún mi kí n tó sọ jù báyìí lọ. Bo orúkọ ewì náà mọ́lẹ̀, mú bébà, kí o kọ gbogbo ohun tí odò yẹn ṣe nínú ìlà mẹ́rìndínlógójì yẹn sílẹ̀. Ohun tó ṣe nìkan ni kí o kọ, má kọ bó ṣe rí. Kí o sì sọ fún wa ohun tí ìlà tó gbẹ̀yìn wí.

Bàbá Ojúde

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Èmi náà ní ewì kan. Ẹgbẹ́ wa tí a jọ ń jáde ní Ojúde Ọba ni mo kọ ọ́ fún, èmi ni mo máa ń ké e kí a tó jó lọ síwájú kábíyèsí ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Onílù wa mọ ibi tó ti máa dá ìlù dúró tí n óò fi mí. Ó gùn díẹ̀, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣé mo lè fi fóònù gbà á sílẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ sí wọn? Ẹṣin wà nínú rẹ̀, dàmáàsìkì wà nínú rẹ̀, ìtàn Balógun Kúkù náà wà nínú rẹ̀. N ò rò pé wọ́n tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Fọlákẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

Bàbá, ẹ kú ọdún o. Ewì tí wọ́n máa fi ojú kà ni wọ́n ń gbà níbí, kò sì gbọdọ̀ ju ìlà 40 lọ. Èyí tí ẹ ń ké fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá á ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ọmọ Olóbì

Mo ti ṣe é, mà. Ohun tí odò náà ṣe nìyí: ó fọ, ó tù, ó gbà (ó gba àwọn ọmọdé tó ń wẹ̀), ó bọ́ (ó bọ́ ẹja), ó kọrin, ó dúró dè wá, ó dárí jì. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni "Odò ẹ̀yìn ọjà, má gbẹ láéláé."

Mo ti ń rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ìyá Olùkọ́, Ìpẹru

Ó ti wà lójú bébà rẹ. Gbogbo ohun tí odò náà ń ṣe, fífúnni ni. Kò sí ibì kankan tó ti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìlà tó gbẹ̀yìn tún wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbẹ, ìyẹn ni pé odò ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ wa ṣì tó o. Oríkì ohun tó wà lo kọ. Ewì nípa ohun tó ti lọ ni wọ́n béèrè. Omi tó wà nínú méjèèjì ló mú kí ó jọ ọ́.

Ìdí rèé tí ọ̀rẹ́ rẹ fi ṣiyèméjì tí kò lè sọ ọ́. Ó rí omi nínú àkòrí, ó rí omi nínú ewì, ojú rẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n nígbà tó kà á tán kò sí ohun tó sọnù nínú rẹ̀.

Ní ti ìlà méjì tí Báyọ̀ ní kí o fi síparí: tí ewì bá fi ìlà 36 yin odò, tó wá fi méjì sọ pé omi gbé nǹkan lọ, ńṣe ni ìlà méjì yẹn máa dà bí ẹni tó wọ ìpàdé nígbà tí wọ́n ti ń gbàdúrà ìparí. Ẹni tó bá ti ka ewì púpọ̀ máa ń mọ ibi tí wọ́n ti rán an mọ́ ọn. Ohun tó ń tú u fó ni pé tí o bá yọ ìlà méjì náà kúrò, kò sí nǹkan kan tó máa yí padà nínú ìyókù.

Báyọ̀ Akéwì

Ìyá, mo gbọ́ yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n mo ti rí ewì tí kò fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ àkòrí tó gba ipò kìíní. Àwọn adájọ́ náà èèyàn ni, ohun tó bá wọ̀ wọ́n lára ni wọ́n máa mú. Àti pé kò sí ẹni tó lè sọ fún akéwì pé odò kan kò gbé nǹkan lọ. Gbogbo odò ló ń gbé nǹkan lọ.

Ìyá Olùkọ́, Ìpẹru

Òótọ́ ni, Báyọ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Mo ti bá àwọn tí a jọ ń yẹ ewì wò jiyàn lórí irú ewì bẹ́ẹ̀ rí, èmi gan-an ló ń fẹ́ kí a mú un. Ohun tí mo ń sọ ni pé tí odò bá ń gbé nǹkan lọ, kí a rí i nínú ewì. Kí a má fi í sílẹ̀ fún adájọ́ láti bá a rò.

Ọmọ Olóbì

Ẹ má bínú, ohun kan wà tí mi ò kọ síbí ní àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ kan wà láàárín ewì náà, ìlà mẹ́rin péré:

*Àwo ìyá àgbà bọ́ lọ́wọ́ mi níbẹ̀,*
*Omi gbé e, ó ń lọ, ó ń jó,*
*Mo dúró, mo ń wò ó,*
*Mo rẹ́rìn-ín, mo pọn omi mi lọ sílé.*

Ṣé èyí kò wá yọ mí báyìí? Omi gbé àwo lọ, a kò sì rí i mọ́.

Báyọ̀ Akéwì

Ẹ ò rí nǹkan! Ó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fi ránṣẹ́.

Ìyá Olùkọ́, Ìpẹru

Ọmọ mi, ìlà mẹ́rin yìí dára ju gbogbo ìyókù lọ, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Àwo tó ń jó lórí omi, mo rí i. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ewì náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó pọn omi, ó lọ sílé, odò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba oríkì. Ewì náà fúnra rẹ̀ kò ka àwo yẹn sí àdánù. Ó kọjá lára rẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń wò ó nìyí: tí a bá yọ ẹsẹ̀ yẹn kúrò, ṣé ewì náà á wó? Kò ní wó. Ó máa jẹ́ ìlà 32, oríkì odò náà á sì pé pérépéré. Tí ewì bá dá lórí nǹkan, o kò lè yọ nǹkan náà kí ewì ṣì dúró. Ìbéèrè tó yẹ kí ewì yẹn béèrè wà ní inú ilé, lẹ́yìn tí ọmọ náà délé. Àwo ta ni? Kí ni ìyá àgbà fi í ṣe? Kí ló sọ nígbà tó rí ọwọ́ òfo? Ewì rẹ dúró létí odò, kò tẹ̀ lé ọmọ náà dé ilé.

Torí náà, ní tèmi, ewì odò kò bá a mu. Irúgbìn èyí tó bá a mu wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Olóbì

Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n gbé èkejì síwájú yín. Mi ò tiẹ̀ ronú kàn án nítorí kò sí odò nínú rẹ̀. Ṣágámù ni ìyá mi ti ń ta obì, gbànja ló ń tà jù, àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Sábó ni wọ́n máa ń wá kó o. Nígbà tó kú ni mo kọ ọ́. Ìlà 22 ni. Apá kan rèé:

*Apẹ̀rẹ̀ rẹ ṣì wà lẹ́bàá ògiri,*
*Ewé inú rẹ̀ ti gbẹ.*
*Mo fọwọ́ kan obì bí o ṣe ń fọwọ́ kàn án,*
*Ọwọ́ mi kò gbọ́ nǹkan kan.*
*Èwo ló ní kòkòrò nínú, Ìyá mi?*
*Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ti wọlẹ̀ lọ.*

Fọlákẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Délé Òkè-Ajé

Èmi kì í kọ ewì, òǹkàwé lásán ni mí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí ewì yìí dá lórí láìrí orúkọ rẹ̀: ohun tí ìyá mọ̀ tí ọmọ kò kọ́ kí ìyá tó lọ. Ó ti bọ́. Ní ti ewì odò, tí ẹ bá bi mí, màá ní ó dá lórí odò.

Ìyá Olùkọ́, Ìpẹru

Délé, o ti bá mi ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe. Ẹni tí kò mọ àkòrí ni kí a máa fún ní ewì kà, kí a bi í pé kí ló dá lórí, kí a wá gbé ìdáhùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn ìkéde. "Ohun tí ìyá mọ̀ tí ọmọ kò kọ́" àti "ohun tó ti kúrò lọ́wọ́ wa tí a kò lè bèèrè padà", ó jọ pé ẹnì kan náà ló kọ méjèèjì.

Ọmọ mi, wo ewì yẹn dáadáa. Ẹni tó ti bá olóbì ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé obì tó ti ní kòkòrò lè dán mọ́nrán lójú, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Bí a ti ń bó o, tí a ń rẹ ẹ́ sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè jẹrà kúrò, tí a ń fọ̀ ọ́, tí a fi ewé sí apẹ̀rẹ̀ kí ó má baà gbẹ, gbogbo ìyẹn ni ẹlòmíì lè kọ́ wa. Èyí tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ mọ́. O kò pariwo ikú rárá, apẹ̀rẹ̀ àti ewé gbígbẹ lo fi hàn wá. Yọ obì kúrò nínú ewì yẹn, ewì ti tán.

Báyọ̀ Akéwì

Mo gbà pé èyí lágbára. Ṣùgbọ́n ibo ni omi wà? Àkòrí ṣì ni "Ohun Tí Omi Gbé Lọ". Tí adájọ́ bá ń wá omi ńkọ́? Ìyá Olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé wọ́n máa ń rẹ obì sómi. Kí ló dé tí a kò fi ìlà kan síbẹ̀, pé omi tí ìyá fi ń fọ obì ti ṣàn lọ? Ìyẹn kì í ṣe àlẹ̀mọ́, ó wà nínú iṣẹ́ ọ̀hún.

Ìyá Olùkọ́, Ìpẹru

Ìmọ̀ràn tó dára nìyí, mi ò ní tako ọ́. Omi tó wá láti inú iṣẹ́ obì yàtọ̀ pátápátá sí omi tí a lọ pọn níbòmíì wá dà sí i. Ìlà kan ṣoṣo, kí ó sì wà láàárín, má fi parí ewì. Tó bá jẹ́ pé ìlà náà wá ń dún bíi pé o ń ṣẹ́jú sí adájọ́, yọ ọ́. Èmi ì bá fi í sílẹ̀ láìní omi, nítorí gbólóhùn ìkéde kò béèrè omi. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn adájọ́ tí wọ́n máa fẹ́ rí àwòrán àkòrí náà níbì kan. Kò sí ẹni tó lè bá ọ sọ ọ́ tán lórí èyí.

Fọlákẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ dúró ná. Ọmọ Olóbì, ṣé ewì yìí ti jáde níbì kan rí? Torí mo mọ̀ pé ewì tí a kọ fún ìyá tó kú kì í wà nínú dúrọ́ọ̀ lásán.

Ọmọ Olóbì

Háà. Ó wà nínú ìwé ètò ìsìnkú màmá, ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Mo sì gbé e sórí Fesibúùkù nígbà ìrántí ọdún kan. Àwọn èèyàn pín in kiri. Ṣé kí n lọ pa á rẹ́ ni?

Báyọ̀ Akéwì

Pa á rẹ́, ó parí. Ta ló máa mọ̀?

Fọlákẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ti jáde ti jáde, pípa á rẹ́ kò sọ ọ́ di èyí tí kò jáde rí. Àwọn tó pín in ṣì ní i lọ́wọ́, ẹni tó bá sì mú ìlà kan nínú rẹ̀ tó fi wá a lórí Gúgù lè rí i. Tí ewì náà bá gba ipò tí ẹnì kan wá mú fọ́tò rẹ̀ jáde, wọ́n á gba ẹ̀bùn náà padà, ìtìjú rẹ̀ á sì kàn yín nílé. Àwọn ìdíje kò rí bákan náà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ka Fesibúùkù sí ìgbéjáde, àwọn kan ò kà á. Tàwọn wọ̀nyí kọ "tàbí lórí ayélujára" sílẹ̀ kedere, èmi ò sì rí ibi tí èèyàn lè gbà yẹ̀ ẹ́. Ìwé ètò ìsìnkú ló ṣòro láti sọ. Ìwé ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò tà á, àwọn tó wá síbi ìsìnkú nìkan ló gbà á.

Kọ ìmeèlì sí wọn. Má fi ewì ránṣẹ́ sí wọn nínú ìmeèlì ìbéèrè yẹn, má sì sọ orúkọ ewì náà, kí ẹni tó bá kà á má baà mọ ọ́n nígbà tó bá dé iwájú rẹ̀. Béèrè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Bàbá Ojúde

Mo ti gbọ́ ti ìlà 40. Mo tún lọ wo ewì mi, ibì kan wà nínú rẹ̀ tí mo ti ń dárúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ti kú. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin máa ń sunkún. Ó tó bí ìlà 30. Ṣé ibẹ̀ nìkan kò lè dúró?

Ìyá Olùkọ́, Ìpẹru

Ẹ̀gbọ́n mi, ó lè dúró, ó sì sún mọ́ àkòrí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìṣòro kan ni mo rí. Nígbà tí ẹ bá ń ké orúkọ wọn lójúde, àwọn tó ń gbọ́ mọ ẹni tí ẹ ń pè, ìlù sì ń bá yín sunkún. Adájọ́ kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Lójú ìwé, orúkọ lásán ni. Tí ẹ bá lè yan mẹ́ta nínú wọn kí ẹ sọ ohun kan tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe, bó ṣe ń wé láwàní rẹ̀, bó ṣe ń kọ̀ láti gun ẹṣin, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á mọ̀ pé àyè kan ṣófo. Àti pé lójúde, gbogbo ayé ti gbọ́ ọ, ẹ bi wọ́n bóyá ìyẹn jẹ́ ìgbéjáde lójú wọn.

Bàbá Ojúde

Ó dára. Màá gbìyànjú rẹ̀. Kíkọ sílẹ̀ ló máa ṣòro, ẹnu ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Olóbì

Wọ́n ti fèsì, mà. Wọ́n ní ìwé ètò ìsìnkú kò dí èèyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wà lórí Fesibúùkù níbi tí gbogbo èèyàn lè rí i, ó ti jáde nìyẹn. Ewì obì ti kúrò nínú rẹ̀.

Ṣé tí mo bá tún un kọ, tí mo yí ìdajì rẹ̀ padà, ó ti di tuntun?

Fọlákẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

Èmi ò lè sọ ibi tí ààlà wà. Ìdajì kọ́, ní tèmi. Tí ẹni tó ti ka ti àkọ́kọ́ bá ka èkejì tó ní "mo ti rí èyí rí", kò tíì di tuntun.

Báyọ̀ Akéwì

Èmi gbà pé tí ìlà tó lókìkí nínú rẹ̀ bá ti yí padà, tuntun ni. Akéwì ń tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe títí láé.

Ìyá Olùkọ́, Ìpẹru

Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ọmọ mi, ṣé o rántí àwo ìyá àgbà?

Ọmọ Olóbì

Mi ò gbàgbé, mà. Ewì odò kò jáde rí, inú ìwé àkọsílẹ̀ mi nìkan ló wà. Mo jókòó tì í lánàá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé bí ẹ ṣe wí:

*Mo ti sọ ẹrù kalẹ̀ kí n tó mọ̀*
*Pé àwo yẹn kì í ṣe tèmi.*
*Ìyá àgbà kò bèèrè. Ó wo ọwọ́ mi,*
*Ó sì mú ọmọrí ìkòkò, ó fi bo omi náà.*

Mo ti ní ìlà 18. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n fi ìjúbà síwájú rẹ̀? Èyí tó wà nínú ti àtijọ́ jẹ́ ìlà mẹ́jọ.

Báyọ̀ Akéwì

Fi ìjúbà sí i. Ewì Yorùbá tí kò júbà, ta ló bí i?

Ìyá Olùkọ́, Ìpẹru

"Ìyá àgbà kò bèèrè." Àkòrí ìdíje ti wà nínú ìlà kẹta láìjẹ́ pé o dárúkọ rẹ̀. Má fọwọ́ kan ìlà yẹn mọ́.

Lórí ìjúbà, èmi àti Báyọ̀ kò ní gbà fún ara wa. Nígbà tí a bá ń ké ewì láàárín agbo, ìjúbà ṣe pàtàkì, ó ń pe etí àwọn èèyàn jọ, ó ń bọlá fún àgbà tó jókòó. Nínú ewì tí a fi ojú kà, tí a sì ka ìlà lé lórí, ìlà mẹ́jọ nínú 40 jẹ́ ìdá márùn-ún ewì rẹ. Adájọ́ á ti ka irú ìjúbà bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ewì ṣáájú tìrẹ, kò tíì sì rí àwo. Èmi ì bá jẹ́ kí ọwọ́ òfo náà ṣílẹ̀kùn. Tí o bá fẹ́ júbà dandan, ìlà kan, kí ó jẹ́ fún ìyá àgbà.

Báyọ̀ Akéwì

Ìlà kan fún ìyá àgbà, ìyẹn dùn mọ́ mi. Síbẹ̀ mo ṣì ní mẹ́jọ kò pọ̀.

Délé Òkè-Ajé

Mo kà á sókè fún ìyàwó mi. Ó ní kí ni wọ́n fi àwo náà ṣe tẹ́lẹ̀? Ó fẹ́ mọ̀ kí ewì tó parí.

Ọmọ Olóbì

Inú rẹ̀ ni wọ́n fi obì ìgbéyàwó rẹ̀ sí, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ó ń bọ̀ ní ìlà kẹrìnlá.

Fọlákẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

Kí o tó fi ránṣẹ́, wọ́n ní kí orúkọ má sí lójú ewì. Orúkọ tún máa ń pamọ́ sínú fáìlì. Tó bá jẹ́ Word lo fi tẹ̀ ẹ́, lọ sí File, tẹ Info, wo ibi tí wọ́n kọ Author sí, orúkọ rẹ máa ń wà níbẹ̀. Yọ ọ́. Má fi orúkọ rẹ pe fáìlì náà, orúkọ ewì nìkan ni kí o fi pè é. Tí wọn kò bá kọ̀ ọ́, fi PDF ránṣẹ́, kí àmì ohùn má baà di kòròfo lórí ẹ̀rọ wọn. Kí o sì ṣí i lórí fóònù ẹlòmíì wò, pàápàá jù lọ ẹ àti ọ tó ní àmì lórí, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ọmọ Olóbì

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo Author yẹn. Orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo ti yọ ọ́. Ẹ ṣeun gan-an, mà. Màá gbé odindi ewì náà wá fún yín lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kéde èsì, nítorí tí mo bá gbé e síbí báyìí, ó ti jáde nìyẹn.

Fọlákẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìlà mẹ́rin tó wà lókè yẹn ńkọ́?

Ọmọ Olóbì

Háà. Màá tún bi wọ́n.